Ooru Omi Kejì

Mo máa ń tètè bínú. Ìyá mi ní àtikékeré ni, pé kí wọ́n tó sọ ọ̀rọ̀ dé ìdajì lèmi á ti wú bíi búrẹ́dì. Mo ń sọ èyí ṣáájú, kí ẹni tó ń kà á lè mọ ìdí tí ọpẹ́ mi fi pọ̀ tó báyìí lórí ìbéèrè kan ṣoṣo tí bàbá àgbàlagbà kan bi mí nínú kíláàsì kan ní Ire-Akari.

Lákòókò náà, ilé iṣẹ́ ọ̀dà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìsọlọ̀ ti kógbá sílé. Lábù ni mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo máa ń yẹ ọ̀dà wò kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú garawa, bóyá ó ki jù, bóyá ó ṣàn jù, bóyá á tètè gbẹ lára ògiri. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà gan-an. Ọjọ́ tí wọ́n ti géètì pa, mo ru kóòtù funfun mi délé, mo sì fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bí ẹni pé ọ̀la ni màá tún wọ̀ ọ́.

Àbúrò ìyá mi obìnrin, tí mo ń pè ní Àǹtí, ló gbà mí lọ́wọ́ ìrònú. Ó ń ta kọ́tìnì lẹ́bàá títì ní Apákùn. Ó fún mi ní àga kan lábẹ́ agboòrùn rẹ̀, ó ní kí n máa bá òun tẹ́ ọjà, kí n máa bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ gidi ni, èmi náà ò sì fojú tín-ín-rín rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá béèrè bóyá àwọ̀ kọ́tìnì kan máa ṣí, màá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tí oòrùn ń ṣe fún aró. Kí n tó parí, oníbàárà á ti dé ìsọ̀ ẹlòmíràn.

Kẹ́mísìrì ni mo mọ̀, ni mo bá ní kí n kúkú lọ máa kọ́ni. Ilé ìwé méjì pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, àwọn méjèèjì ló sì dá mi padà. Nígbà tí ẹ̀kẹta dé, èyí tó wà ní Ire-Akari, Àǹtí jókòó tì mí.

Ó ní, "Gbọ́, ọmọ mi. Ẹ̀kẹta yìí ni mo máa gbàdúrà fún o. Bí kò bá bọ́ sí i, jọ̀ọ́, gbàgbé kẹ́mísìrì yìí, kí o wá jókòó ti kọ́tìnì. Kọ́tìnì kì í bi èèyàn ní ìbéèrè."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì gbà. Mo sọ fún un pé bí èyí náà bá yí dànù, màá ju kóòtù funfun yẹn sílẹ̀. Ohun tí mò ń gbé lọ sí Ire-Akari nìyẹn, yàtọ̀ sí báàgì mi.

Ẹni tó bá ti wá iṣẹ́ tíṣà ní ilé ìwé àdáni l'Ékòó á mọ ohun tí à ń pè ní dẹ́mò. Wọn ò ní kàn bi ọ́ ní ìbéèrè nínú ọ́fíìsì kí wọ́n sì jẹ́ kó parí síbẹ̀. Wọ́n á fún ọ ní àkòrí, wọ́n á tì ọ́ síwájú ojúlówó akẹ́kọ̀ọ́, àwọn tó fẹ́ yẹ̀ ọ́ wò á sì lọ jókòó sáàárín àwọn ọmọ. Títí wàá fi ṣe tán, ọmọ kíláàsì rẹ ni àwọn náà. Wọ́n á nawọ́ bí ọmọdé, wọ́n á pè ọ́ ní àǹtí, ìwọ náà á sì dá wọn lóhùn bíi tíṣà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, torí àwọn àgbàlagbà náà lè bi ọ́ ní ìbéèrè tí á mú ọ làágùn.

Àkòrí tí wọ́n fún mi ni òfin Hess. Mo ti kọ́ ọ rí, mo sì ti lò ó. Ohun tó sọ kò le: ooru tí ìṣesí kẹ́míkà kan, ìyẹn bí nǹkan ṣe ń yí di nǹkan mìíràn, ń gbà wọlé tàbí tó ń tú sílẹ̀, èyí tí a ń pè ní ẹ́ńtálípì rẹ̀, kò ka ọ̀nà tí a gbà sí. Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí a parí sí nìkan ló kà. Nítorí náà, bí a kò bá lè wọn ooru ìṣesí kan tààrà, a lè kó àwọn ìṣesí mìíràn tí a ti mọ ooru wọn jọ, ká tò wọ́n títí wọ́n á fi já sí èyí tí à ń wá.

Mo kọ́kọ́ dán ẹ̀kọ́ náà wò lára Àǹtí lábẹ́ agboòrùn. Mo ní, "Ẹ wò ó, Àǹtí, bí ẹ bá ń ti Ìsọlọ̀ lọ sí Ọ̀ṣòdì, ọ̀nà yòówù kí ẹ gbà, Ọ̀ṣòdì náà lẹ máa bọ́ sí. Bí òfin yẹn ṣe rí nìyẹn."

Àǹtí wò mí. "Owó ọkọ̀ ńkọ́? Ṣé iye kan náà ni wọ́n máa gbà ní gbogbo ọ̀nà?"

Àpẹẹrẹ mi kú síbẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Ooru ni mo fẹ́ fi wé ìrìn àjò, owó ọkọ̀ sì ń yí padà bí ọ̀nà bá yí padà. Mo ronú títí, mo wá rántí ilé tí mò ń gbé ní Ìsọlọ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ó ní àtẹ̀gùn níwájú, ó tún ní òmíràn lẹ́yìn, èyí tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Mo ní bí ẹ bá gba iwájú gòkè, tàbí ẹ gba ẹ̀yìn, bí ilé náà ṣe ga tó láti ìsàlẹ̀ dé òkè kò yí padà. Àǹtí mi orí, ó ní èyí wọlé. Títí dòní, àtẹ̀gùn yẹn ni mo fi ń kọ́ni, Àǹtí ló sì yẹ kí n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ dẹ́mò, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ire-Akari ní òwúrọ̀, mo sì ń ka ìṣirò náà sínú bí àdúrà. Ọ̀gá ilé ìwé, obìnrin kan tó ṣe jẹ́jẹ́, ló gbà mí. Ó sọ fún mi láìfi bò pé ètò ọrọ̀ ajé ni òun kà ní yunifásítì, òun ò mọ nǹkan kan nípa kẹ́mísìrì. Ó ní tíṣà kẹ́mísìrì àwọn fẹ́ fẹ̀yìn tì, Bàbá ni gbogbo èèyàn ń pè é, ohun tí Bàbá bá sì sọ nípa ẹni tó fẹ́ rọ́pò rẹ̀ ni òun máa tẹ̀ lé.

Nígbà tí a wọ kíláàsì, gbogbo ọmọ dìde kí ọ̀gá wọn, àyàfi bàbá kan tó wà ní àga ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọmọ Èkìtì ni, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó wọ káádígàn nínú ooru yẹn. Ó rọra gbé ọwọ́ sókè.

Ó ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí. Orúnkún mi ò jẹ́ kí n dìde kí yín. Ẹ káàbọ̀."

Mo kúnlẹ̀ kí i. Ọ̀gá ilé ìwé rọra sọ fún mi pé orí ìjókòó ni Bàbá ti ń kọ́ni báyìí, àwọn ọmọ ló ń bá a kọ nǹkan sójú pátákó. Ó lọ jókòó ti ilẹ̀kùn pẹ̀lú bírò àti ìwé rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀.

Àtẹ̀gùn iwájú àti ti ẹ̀yìn wọlé sí wọn lára. Mo wá sọ fún wọn pé a fẹ́ mọ ooru tó wà nínú kí kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn di gáàsì mẹ́téènì. Mo ní bí ẹ bá kó àwọn méjèèjì sínú ohun èlò tí a fi ń wọn ooru, wọn ò kàn ní di mẹ́téènì bí ẹ ṣe fẹ́. Ó lè má tilẹ̀ ṣẹlẹ̀, ó sì lè mú nǹkan mìíràn tí ẹ ò pè wá. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì àti mẹ́téènì fúnra rẹ̀ ló ń jóná dáadáa, a sì ti mọ ooru tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tú sílẹ̀. Mo kọ ọ́ sójú pátákó, ìwọ̀n ooru wọn ní kílójúùlù, pẹ̀lú àmì − fún ooru tó ń jáde:

Èkíní: C + O₂ → CO₂, −394

Èkejì: H₂ + ½O₂ → H₂O, −286

Ẹ̀kẹta: CH₄ + 2O₂ → CO₂ + 2H₂O, −890

Mo kọ èyí tí à ń wá sí òkè, mo sì fi àpótí yí i ká: C + 2H₂ → CH₄.

Mo ní kí wọ́n máa wo inú àpótí náà nígbà gbogbo. Kábọ́ọ̀nù wà lápá òsì nínú àpótí, ó wà lápá òsì ní ìlà kìíní, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Háídírójìn méjì la fẹ́, ọ̀kan ló wà ní ìlà kejì, ẹ sọ ìlà náà di ìlọ́po méjì. Mo kọ ọ́: 2H₂ + O₂ → 2H₂O. Mẹ́téènì wà lápá ọ̀tún nínú àpótí, àmọ́ apá òsì ló wà ní ìlà kẹta, ẹ dojú ìlà náà kọ ẹ̀yìn.

Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fọ́ńté nìyí. Mo ní bí ìlà bá kọjú sẹ́yìn, àmì rẹ̀ náà á yí padà, torí ohun tó tú ooru sílẹ̀ nígbà tó ń lọ gbọ́dọ̀ gba iye ooru kan náà nígbà tó bá ń padà. Mo fi máákà pupa kọ +890 gàdàgbà. Mo yíjú sí wọn, mo ní, "Ibí yìí ni àwọn èèyàn ti máa ń ṣubú. Nínú kíláàsì tèmi, ẹnikẹ́ni ò ní ṣubú!"

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fagi lé àwọn ohun tó wà lápá méjèèjì. CO₂ lọ. Omi méjì lápá òsì, omi méjì lápá ọ̀tún, wọ́n lọ. Ọ́síjìn méjì lápá òsì, méjì lápá ọ̀tún, wọ́n lọ. Ohun tó ṣẹ́ kù ni C + 2H₂ → CH₄, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú àpótí. Ó mọ́ tónítóní. Ọmọ kan pàtẹ́wọ́.

Mo wá ro iye ooru wọn pọ̀: −394, −286, +890. Ó jẹ́ +210. Mo fa ìlà méjì sí abẹ́ rẹ̀, mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé mẹ́téènì ń gba ooru wọlé kó tó lè wáyé. Wọ́n ń kọ ọ́. Mo nawọ́ sí dọ́sítà láti nu pátákó.

Mo gbọ́ tí àga dún lẹ́yìn. Mo yíjú. Bàbá ti di tábìlì iwájú rẹ̀ mú, ó ń gbé ara rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Gbogbo kíláàsì yíjú wò ó. Ó dìde tán pátápátá, ó na apá kan sókè bí ọmọ kíláàsì kejì sẹ́kọ́ńdìrì, ọwọ́ kejì rẹ̀ di tábìlì mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí. Mo ní ìbéèrè."

Mo ní, "Ẹ jókòó, sà, ẹ jókòó kí ẹ bi mí."

"Rárá, Àǹtí. Ọmọ kíláàsì yín ni mí." Ó nàka sí pátákó. "Omi méjì ni mo rí ní ìlà kejì. Mo ti rí ooru omi kìíní. Omi kejì ńkọ́? Ta ló gbé ooru tiẹ̀ lọ?"

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ìbínú mi dé, kò tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Mo ní nínú ara mi pé bàbá yìí fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn ọmọ, ìlà mi mọ́ tónítóní, kí ló ń wá? Mo ti la ẹnu láti fèsì. Ọlọ́run ló ní kí n kọ́kọ́ wo pátákó.

Mo ti sọ ìlà kejì di ìlọ́po méjì, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, háídírójìn, ọ́síjìn, omi. Ooru rẹ̀ nìkan ni mo fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Àmì ìlà kẹta tí mo fi máákà pupa ṣe fọ́ńté lé lórí ni mò ń sọ́, olè sì gba ẹ̀yìn wọlé. Nítorí pé ohun gbogbo fagi lé ara wọn dáadáa, mo rò pé iye náà gbọ́dọ̀ tọ̀nà. Ìdọ́gba mi tọ̀nà, iye mi ni kò tọ̀nà.

Mo gbé dọ́sítà sílẹ̀. Mo ní, "Ìbéèrè tó dáa gan-an nìyẹn. Ta ló lè bá mi dá a lóhùn?"

Ọmọbìnrin kan níwájú nawọ́. "Àǹtí, ẹ ò tíì sọ 286 di méjì."

"Ó tọ̀nà. Àṣìṣe mi ni." Mo yíjú sí gbogbo wọn. "Ẹni tó bá gun àtẹ̀gùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì ti gòkè ìlọ́po méjì. Bí ẹ bá sọ ìlà di méjì, ooru rẹ̀ gbọ́dọ̀ di méjì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àǹtí ṣe àṣìṣe yìí lójú yín, kí ẹ̀yin má baà ṣe é nínú ìdánwò."

Mo kọ −572 síbẹ̀. −394 àti −572 jẹ́ −966. Mo fi +890 kún un, ó ku −76. Àmì náà yí padà pátápátá. Mẹ́téènì tí mo ní ó ń gba ooru wọlé ti di èyí tó ń tú ooru sílẹ̀. Mo jẹ́ kí wọ́n fagi lé ohun tí wọ́n ti kọ, mo sì ní kí ọmọbìnrin yẹn wá ṣe ìṣirò náà látòkè délẹ̀ fúnra rẹ̀.

Bàbá ṣì wà lórí ìdúró. Nígbà tí ọmọ náà kọ −76, ó ní, "Mo dúpẹ́, Àǹtí. Ó yé mi." Ó wá rọra jókòó, ó sì pẹ́ kó tó jókòó tán.

Mo dúró lẹ́nu ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé, mo ti ń ro irú kọ́tìnì tí màá kọ́kọ́ tẹ́ lọ́jọ́ kejì. Mo ti gbà pé ó ti tán. Ẹni tó bá kọ ìdáhùn tí kò tọ̀nà tó sì fa ìlà méjì sí i lábẹ́, kí ló tún kù?

Wọ́n pè mí wọlé. Ọ̀gá náà ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ o."

Bàbá ní, "Ẹ gbà á."

"Àbí kò ṣe àṣìṣe ni?"

"Ó ṣe é. Gbogbo wa là ń ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi í ní ìbéèrè, kò bínú sí akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ó fi ìbéèrè náà kọ́ wọn. Ẹ gbà á."

Kò bínú! Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, omijé náà sì ń lé sí mi lójú. Ìbá ṣe pé ó mọ ohun tó wà lẹ́nu mi kí n tó wo pátákó!

Mo pe Àǹtí láti ẹnu géètì. Ó pariwo débi pé mo gbọ́ tí àwọn ará ìsọ̀ kejì ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Kọ́tìnì ti pàdánù o! Kọ́tìnì ti pàdánù, a dúpẹ́!" Nígbà tí mo délé, mo yọ kóòtù funfun mi kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo fọ̀ ọ́, mo sì sá a.

Èmi àti Bàbá jọ kọ́ni títí ó fi fẹ̀yìn tì. Òun ń sọ ọ́ láti orí ìjókòó, èmi ń kọ ọ́ sójú pátákó, lẹ́yìn náà èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ó kọ́ mi ní sùúrù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tí mo gbà níbẹ̀ kò tíì kún ṣíbí. Ní gbogbo àkókò yẹn, mi ò rí i kó dìde fún ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì. Alága ẹgbẹ́ òbí wá, Bàbá wà lórí ìjókòó. Àwọn aláyẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ ìjọba wá, Bàbá bẹ̀ wọ́n pé orúnkún òun ni, wọ́n sì ní kó má ṣe ìyọnu.

Lọ́jọ́ tó ń kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní yàrá àwọn tíṣà, kó tó padà sí Èkìtì, mo bi í ní ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn.

Mo ní, "Bàbá, ọjọ́ dẹ́mò mi, ìgbà wo gan-an lẹ rí àṣìṣe yẹn?"

"Bí o ṣe sọ ìlà kejì di méjì tí o fi 286 sílẹ̀ báyìí ni mo ti rí i. Mò ń retí pé wàá rí i fúnra rẹ. Ìgbà tí mo rí i pé o ti mú dọ́sítà, mo mọ̀ pé bí o bá fi lè nù ún, ó parí. Àwọn ọmọ á gbé 210 délé, mi ò sì ní lè purọ́ fún ọ̀gá wa."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi dìde, sà? Ṣebí ẹ lè bi mí láti orí ìjókòó yín."

Ó ń di ìwé rẹ̀ sínú páálí. Kò gbé ojú sókè.

Ó ní, "Bí mo bá sọ ọ́ láti orí ìjókòó, tíṣà àgbà ló ń tọ́ tíṣà kékeré sọ́nà nìyẹn. Ohun tí ọ̀gá wa máa gbọ́ nìyẹn, ó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá dìde, ọmọ kíláàsì kan ló ń bi tíṣà rẹ̀ ní ìbéèrè."

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, láàárín páálí àti ìwé àtijọ́, mo sì sunkún bí ọmọ kékeré. Ó ní kí n dìde, kí n má fi eruku ba aṣọ mi jẹ́.

Lọ́dọọdún, mo ń sọ fún àwọn ọmọ mi ní kíláàsì pé nínú òfin Hess, ọ̀nà kò ka nǹkan kan, ibi tí a dé nìkan ló kà. Òótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ nínú ìdánwò. Bàbá ìbá jókòó tàbí kó dìde, −76 náà ni ìdáhùn ìbá jẹ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo dúró lójú pátákó lọ́jọ́ náà, mo sì rí bí orúnkún rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n.